Ìlù ọkàn nínú kíláàsì: bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ láti mọ ìgbà tí eré ìdárayá le

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí pátákó lọ́jọ́ náà ni 240. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 36. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sí, wọ́n sì jọ fò sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan ni. Tí a bá ní ká gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́, ọkàn ọ̀kan ń sáré kọjá agbára rẹ̀, ti èkejì sì ti fẹ́ dákẹ́. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mú ẹfun dání níwájú wọn ni àyà ń já.

Ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 14 sí 16 ló pọ̀ jù nínú kíláàsì tí mò ń sọ yìí. Wọ́n lé ní 60, àyè tó sì wà láàárín bẹ́ǹṣì sí bẹ́ǹṣì kò ju ibi tí ẹsẹ̀ kan lè gbà kọjá lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré ìdárayá tó rọrùn, èyí tó mọ níwọ̀n àti èyí tó le, kí wọ́n sì fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan mọ̀ ọ́n. Bí ìwé ṣe ń sọ ọ́, kò sí ohun tó rọrùn tó o: yọ ọjọ́ orí rẹ kúrò nínú 220 kí o fi mọ ibi tí ọkàn rẹ lè lù dé, wá ìdá 50, 60, 70 nínú 100 rẹ̀, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sí pátákó, mo fọn fèrè, ariwo sì gba gbogbo ilé.

Pírẹ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀ lé e, mi ò kọ́ wọn ní ohun tuntun kankan. Mo kàn ń rìn káàkiri ni, mò ń wo ọwọ́ wọn. Ọmọ tó kọ 36 kò tiẹ̀ ṣi nǹkan kà rárá. Ó ka 36 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ó sì gbàgbé láti sọ ọ́ di ìlọ́po 4. 144 ni ọkàn rẹ̀ ń lù, èyí tó bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò tán mu dáadáa. Ẹni tó kọ 240 ní tirẹ̀, àtàǹpàkò ló fi tẹ ọrùn ọwọ́. Àtàǹpàkò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí òun náà ń lù, ó sì rọrùn kí ènìyàn ka ìlù kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ní kó fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín tẹ ẹ́, 60 tó kà di 30, 240 sì di 120.

Àwọn kan wà tí wọ́n kà á dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, tí wọ́n na ẹsẹ̀, tí wọ́n mu omi ọ̀rá, kí wọ́n tó rántí pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọkàn ọmọ tí ara rẹ̀ le kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí eré bá ti dáwọ́ dúró báyìí, ìlù ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló sì máa ń wálẹ̀ jù. Ẹni tó bá ka tirẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bí ó ṣe ń sinmi ló kà, kì í ṣe bí ó ṣe ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan ló bà mí lẹ́rù. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kò rí ìlù náà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó bá fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ti fara ti ògiri. Ibì kan wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn tó máa ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan. Tí a bá tẹ ibẹ̀ líle, ara á rò pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti ga jù, á sì dín ìlù ọkàn kù. Tí a bá wá tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì papọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ náà lè dín kù. A tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò láìpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọrùn ti di èèwọ̀ nínú kíláàsì mi. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni: a ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, a fi ìka méjì sí abẹ́ ìdí àtàǹpàkò, nínú kòtò kékeré tó wà láàárín egungun àti okùn iṣan, a sì tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá rí i rárá, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà òsì.

Ó ní ìdí tí mo fi dúró lórí ìṣẹ́jú àáyá 15. Tí ọmọ bá fi odindi ìṣẹ́jú kan kà á lẹ́yìn eré, ọkàn á ti fà sẹ́yìn kó tó kà á tán. Tó bá jẹ́ 10 ló lò, àṣìṣe ìlù kan péré á di 6 nígbà tó bá sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Ní 15, àṣìṣe kan jẹ́ 4, ọkàn kò sì tíì rí àyè wálẹ̀ púpọ̀. Mo tún kọ́ wọn pé ìlù tó bá bọ́ sí ìgbà tí mo bá ní “Ó yá!” ni òdo, kì í ṣe ení. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ń fi 4 kún nọ́ńbà ìdajì kíláàsì.

Iṣẹ́ àmúrelé ni kí wọ́n ka ìlù ọkàn wọn láàárọ̀, kí wọ́n tó dìde lórí ibùsùn, fún òwúrọ̀ mẹ́ta, nítorí pé ọkàn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọ kíláàsì kò tíì sinmi, bó tilẹ̀ jókòó. Mo kó àbọ̀ wọn lọ sí yàrá olùkọ́, inú mi ń dùn. Olùkọ́ ìṣirò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìṣirò, na ọrùn wo ìwé náà.

“Àǹtí, ṣebí ẹ ní ìlọ́po 4 ni wọ́n ń ṣe?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“75 yìí wá ń kọ́? 83 yìí ń kọ́? Ṣé ọmọ yìí ka ìlàjì ìlù ni?”

Mo dákẹ́. Òótọ́ ni. Ohunkóhun tí a bá sọ di ìlọ́po 4, 4 gbọ́dọ̀ lè pín in láìṣẹ́kù. Ọmọ tó bá kọ 83 kò ka nǹkan kan, inú ọkọ̀ Mícra ló ti ro ó lójú ọ̀nà. Èyí tó tún burú ni pé ọmọ méjìlélógún ló kọ 72. 4 pín 72 dáadáa, ṣùgbọ́n 72 náà ni nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wọn. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn yí òfin padà: láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ìlọ́po fún mi mọ́. Ohun tí o kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 ni kí o kọ. Tó bá jẹ́ 19, kọ 19. Kò sí ìwé tí wọ́n lè ti jí nọ́ńbà yẹn kọ.

Òfin kékeré yìí ló ṣí ọ̀nà fún gbogbo ohun tó kù.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí 220 yẹn ná. Ọdún 1971 ni Fox, Naughton àti Haskell gbé e jáde nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí eré ìdárayá àti àrùn ọkàn. Àkójọ àbọ̀ ìwádìí oríṣiríṣi ni wọ́n tò, tí wọ́n sì fi ojú fa ìlà gba àárín rẹ̀. Ìṣirò tó wúlò fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lápapọ̀ ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo: ibi tí ọkàn ẹnì kan lè lù dé ní tòótọ́ lè fi 10 tàbí 12 yàtọ̀ sí ohun tí ìṣirò náà sọ, sókè tàbí sísàlẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti àwọn ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni kò ti bá a mu. Ibi tí ọkàn ọmọ ìwé girama lè lù dé tó bá sá eré àsápajúdé kì í fi ení ení dín kù ní gbogbo ọjọ́ ìbí. Láàárín 195 sí 205 ló sábà máa ń wà títí di ìparí ìgbà ọ̀dọ́. Nítorí náà mo pa 220 tì, mo mú 200 fún gbogbo kíláàsì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdá mẹ́rin 200 ni 50. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bá ka 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 ti dé òkè pátápátá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 25. Tí a bá sì fi ìdá 10 nínú 100 gòkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 5 la ó máa fi kún un: 25, 30, 35, 40, 45, 50. Ìpele márààrún tí ìwé fi ojú ewé méjì ṣàlàyé wọ orí ìlà kan ṣoṣo, kò sí ìlọ́po, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò. Mo fa ìlà yẹn sí ara ògiri ẹ̀yìn, a sì sọ àwọn ìpele náà lórúkọ. 25 sí 30 ni “ìrìn ọjà.” 30 sí 35 ni “ó ti ń pẹ́,” bí ẹni tó gbọ́ agogo ilé ìwé tí kò tíì dé ẹnu géètì. 35 sí 40 ni “apọnmi gòkè.” 40 sí 45 ni “alémọ́tò.” Wọ́n jà sórí èyí tó kẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ “ajá ń bọ̀” ló borí.

Mo sọ fún wọn pé kò sí ògiri láàárín ìpele sí ìpele nínú ara. Ọkàn kò mọ̀ pé 35 yàtọ̀ sí 36. Àwa la fa ìlà.

Kí a tó ṣe eré kankan, mo máa ń pe àwọn ọmọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sí ìta láti béèrè bóyá asímà ń ṣe wọ́n, tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tàbí ibà ọ̀sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe níwájú kíláàsì ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ni mo ń fún ní aago dì mú, wọn kì í sì í bá wa dé “alémọ́tò.” Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún nígbà kan pé òun fẹ́ fò. A jọ fẹnu kò pé kó máa rìn lórí ìdúró, kó sì dáwọ́ dúró nígbàkígbà tó bá fẹ́.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì ni a sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. A jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a kà. A rìn lórí ìdúró bíi sójà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, a kà. A fò tàpá-tọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, a kà. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ẹfun to àmì kan sórí nọ́ńbà tirẹ̀ lára ìlà ògiri. Ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ rí ni pé àmì kò kó jọ sójú kan. Lẹ́yìn ìrìn sójà, àmì wà láti 25 títí dé 40. Ọ̀kan béèrè pé, “Mà, ṣebí ohun kan náà ni gbogbo wa ṣe?”

Kí n tó dáhùn, mo mú òṣùwọ̀n kejì jáde, èyí tí kò ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n bá ń rìn bíi sójà lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n máa ki oríkì ìlú wa, “Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé,” títí lọ. Ẹni tó bá lè fi ohùn orin kì í láìfà á já, eré rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó lè sọ ọ́ ní gbólóhùn gígùn ṣùgbọ́n tí kò lè kọ ọ́ lórin, tirẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá ní “Ìbàdàn…” tó mí, “Mesì Ọ̀gọ̀…” tó tún mí, tirẹ̀ ti le. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ti ń lo ọ̀rọ̀ sísọ wọn líle eré tipẹ́. Ti Yorùbá tiẹ̀ tún dùn ún gbọ́ sí i lójú tèmi, torí pé bí èémí bá ti ń kúrú, àmì ohùn ló kọ́kọ́ ń ṣákìí, gbogbo kíláàsì á sì gbọ́ ọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dé orí àwọn ọmọ méjì tí mi ò lè gbàgbé. Ọ̀kan ni gólì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kì í fẹ́ràn eré, tó máa ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ẹ̀wà lálaalẹ́. Àwọn méjèèjì ka 38 lẹ́yìn ìrìn sójà, ìyẹn 152 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lára ògiri, ojú kan náà ni àmì wọn wà, nínú “apọnmi gòkè.” Ṣùgbọ́n gólì kò lè ki oríkì kọjá ọ̀rọ̀ mẹ́ta, nígbà tí ọmọbìnrin náà ń sọ tirẹ̀ lọ geere. Àwọn ọmọ pariwo pé gólì ń ṣàṣejù.

Mo ní kí wọ́n mú ohun tí wọ́n kà lórí ibùsùn wá. Ti gólì jẹ́ 15, ìyẹn 60. Ti ọmọbìnrin náà jẹ́ 23, ìyẹn 92. Karvonen, ará Finland kan, ló kọ́ wa ní ọdún 1957 pé kí a má wo ibi tí ọkàn dé nìkan, kí a wo àyè tó ní láti gòkè àti iye tó ti lò nínú àyè náà. Mo kọ ọ́ sí pátákó:

```
gólì:       (152 − 60) ÷ (200 − 60) = 92 ÷ 140 = 66%
ọmọbìnrin:  (152 − 92) ÷ (200 − 92) = 60 ÷ 108 = 56%
```

Lórí òṣùwọ̀n yìí, láti 40 sí nǹkan bíi 59 ló mọ níwọ̀n, láti 60 lọ ló le. Gólì ti wọ inú líle, ọmọbìnrin náà kò tíì wọ̀ ọ́. Oríkì ti sọ fún wa kí ìṣirò tó dé.

Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le jù fi wá ń mí hẹlẹ. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn: “Mà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé àyà. Èmi kàn ń gbé tèmi nílẹ̀ ni.” Òótọ́ ni, ojú mi ló fò ó. Mo ní “rìn bíi sójà,” mi ò sọ bí orúnkún ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, mi ò sì sọ ìgbésẹ̀ mélòó. A tún un ṣe: mo fi rúlà lu tábìlì ní 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, orúnkún gbọ́dọ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ sí ìbàdí. Lọ́tẹ̀ yìí gólì ka 32, ọmọbìnrin náà ka 40. Iṣẹ́ kan náà, ìlù tó yàtọ̀.

Mo wá lo àpèjúwe omi. Ẹni méjì fẹ́ kún àgbá kan náà láti ìdí kànga. Ọ̀kan gbé korobá ńlá, èkejì mú agolo mílíìkì. Àwọn méjèèjì á kún àgbá, ṣùgbọ́n ẹni tó mú agolo á lọ á bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkàn tó ti ń gba eré ìdárayá mọ́ra máa ń tu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ síta ní ìlù kan, nítorí náà ìlù díẹ̀ ló nílò. Gólì ní korobá. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá agolo lè di korobá. Mo ní ó lè tóbi sí i, pé oṣù díẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun mìíràn tó fẹ́ tàn mí jẹ ni oòrùn. Kíláàsì kejì tí mò ń kọ́ máa ń ní pírẹ́ọ̀dù tirẹ̀ lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Ní oṣù Kẹta, abẹ́ páànù, láìsí iná tí yóò yí fáànù, àmì àárín wọn lẹ́yìn ìrìn sójà kan náà wà lórí 33, nígbà tí ti kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ wà lórí 30. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún wọn pé ara wọn kò le tó ti àwọn tàárọ̀. Ooru ni. Ara ń darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ kó lè tutù, òógùn sì ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn wá ní láti lù sí i fún iṣẹ́ kan náà. Ní báyìí, àkókò àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí ni a kọ́kọ́ ń kọ sí orí ìlà kí ẹnikẹ́ni tó to àmì.

Ní ti iṣẹ́ àmúrelé yẹn, ọmọkùnrin kan wà tó mú 26, 27, 26 wá fún òwúrọ̀ mẹ́ta. Ìyẹn 104, 108, 104, lórí ibùsùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣi í kà. Mo ka tirẹ̀ fúnra mi lẹ́yìn tó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 26 náà ni mo kà. Mi ò sọ nǹkan kan fún kíláàsì. Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, “Mọ́mì, mi ò kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.” Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Tí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri kò bá tó, ọkàn á máa sáré láti fi iye ìrìn dí i.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú àwọn olùdi-aago mú. Ọjọ́ tó padà, kò dúró kí n pè é. Ó mú ẹfun, ó lọ sí ìdí ògiri, ó kọ 21 sí apá òsì ìlà náà, lẹ́yìn òde 25 níbi tí a kò fa ìpele kankan sí, ó sì padà sí ààyè rẹ̀.